Erìgì Tí Kò Ṣẹ̀jẹ̀

Bí a bá bá àwọn ènìyàn kan sọ̀rọ̀ lórí tábà, èsì tí wọn a máa fún wa ni pé, "Ara mi ni, owó mi sì ni, bí ó bá ń pa mí lára, èmi ni yóò kọ́kọ́ mọ̀." A kò fẹ́ jiyàn lórí apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Apá kejì ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni ó fún olùsọ náà ní ìgboyà. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀?

Nígbà tí ìdọ̀tí bá dì mọ́ ìdí eyín, kòkòrò àrùn a máa gbé inú rẹ̀, erìgì a wú, ẹ̀jẹ̀ a sì máa jáde bí a bá ń rin pákò. Ẹ̀jẹ̀ yìí ni ìkìlọ̀ tí ara ń ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n oró tí ń jẹ́ nikotíìnì, tí ó wà nínú tábà, a máa fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pọ̀. Nítorí náà erìgì ẹni tí ń fa sìgá kì í pọ́n, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni egungun tí ó di eyín mú ń jẹ lọ lábẹ́ rẹ̀. Oníṣègùn eyín a máa fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọn àlàfo tí ó wà láàárín erìgì àti eyín: ti ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í ju mìlímítà 3 lọ. Ẹni tí kò lọ fún irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí eyín bá ń mì ni yóò tó mọ̀. Èyí tí ó tún yà wá lẹ́nu ni pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jáwọ́ nínú sìgá, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ erìgì rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, òun a sì wí pé tábà ni ó ti ń dáàbò bo òun! Ẹ̀jẹ̀ ni ó padà sí ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tí ń fa sìgá 20 lóòjọ́, tí a yọ eyín ọ̀gan-ìn rẹ̀ kan ní ọjọ́ Ajé. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ kún ihò náà, kí ó dì, kí ẹran tuntun sì hù láti inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó tanná sí sìgá. Nikotíìnì kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó tó dé ibẹ̀, fífà tí ó sì ń fa èéfín lè tu èyí tí ó ti dì kúrò. Ní ọjọ́rú tàbí ọjọ́bọ̀, nígbà tí ó yẹ kí ìrora máa dínkù, ó ń pọ̀ sí i, ó ń ta dé etí, ẹnu sì ń rùn. Bí a bá wo ihò náà, òfìfo ni, egungun sì hàn síta. Oníṣègùn yóò fọ̀ ọ́, yóò fi oògùn sí i, yóò sì jinná, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ó bá ti lè fara da ọjọ́ mẹ́ta láìfa tábà, ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìyá wa tí ń fi aáṣáà sí abẹ́ ètè a máa wí pé tiwọn kò ní èéfín. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n káún tí a lọ̀ mọ́ ọn ń mú kí nikotíìnì tètè wọ ara. Níbi tí aáṣáà bá ń jókòó sí, erìgì a máa fà sẹ́yìn kúrò lára eyín, awọ ẹnu a sì funfun, a hunjọ, láìdunni rárá. Bí a bá dẹ́kun, púpọ̀ nínú irú ojú funfun bẹ́ẹ̀ a máa parẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí kò bá parẹ́, tàbí tí ó di pupa, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí etí rẹ̀ sì le, ni kí a gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí ó gé díẹ̀ níbẹ̀, kí a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn jẹjẹrẹ ẹnu kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọtí àmujù wá ń kọ́? Òun pàápàá ń ba ẹnu jẹ́, ó sì tún ń ṣílẹ̀kùn fún oró tábà láti wọ inú awọ lọ. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ìṣirò àròpọ̀, ìsọdipúpọ̀ ni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988 fi hàn pé ẹni tí ń fa páálí sìgá méjì lóòjọ́, tí ó sì ń mu ju ife ọtí mẹ́rin lọ, ewu jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun lórí rẹ̀ ju ìlọ́po 35 ti ẹni tí kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn.

Nítorí náà, kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ohun náà gan-an tí ó yàn ni ó di ẹlẹ́rìí rẹ̀ lẹ́nu. A kò sì lè pe yíyàn bẹ́ẹ̀ ní yíyàn ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń rà. Ẹlòmíràn ni ó lè rí i. A kò sì kà á sí àfojúdi bí ọmọ bá fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ jáde sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ètè àti ahọ́n yín sókè," kí ó sì wo abẹ́ ahọ́n àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dáradára.