Ẹ Kú Oríire Ṣọ́ọ̀bù Kejì: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọlúàbí Sọ

Ikíni kò wọ́n Yorùbá. Ẹni tó ń kọ́lé, ẹni tó ń ṣòkú, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá, gbogbo wọn la ní "ẹ kú" fún. Nítorí náà, bí ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn bá gba ṣọ́ọ̀bù kejì sí Akóbọ̀, kò sí ẹni tí yóò débẹ̀ tí kò ní rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ń sọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìyá náà láǹfààní, òmíràn sì ń dùn ún wọra. Lójú tèmi, iṣẹ́ méjì ni ikíni ọmọlúàbí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń mú inú ẹni tí a ń kí dùn, ó sì ń fún un lókun tí yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́la. Èyí tó bá ṣe ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, àbọ̀ ikíni ni.

Ẹ wo oríṣi mẹ́ta tó wọ́pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ó kígbe pé, "Ẹ ó ṣí ogún sí i! Èyí ò tíì tó nǹkan kan!" Àdúrà ni, àmọ́ ó ti fojú kéré ohun tí ìyá fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe làálàá kó tó rí. Ẹni kejì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síbẹ̀ gbogbo ilé ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ ṣọ́ra o. Ibí yìí jìnnà sójú títì. Ẹnìkan ṣí irú rẹ̀ ládùúgbò wa, kò pẹ́ tó fi tì í pa." Òun ń pe ìyẹn ní ìmọ̀ràn. Ẹni kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá mi wọn gàrí kóńgò mẹ́ta síbẹ̀, a ó yanjú ẹ̀ tó bá di ìparí oṣù."

Òótọ́ wà lára ìwà ọmọlúàbí, èyí ló sì ń mú ẹni kejì rò pé òun ló ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n òótọ́ ní àsìkò àti ibi tí a ti ń sọ ọ́. Kí ènìyàn tó lanu gbani nímọ̀ràn níbi ìṣíṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ẹni yìí ṣì lè yí padà? Ìyá ti san owó ilé, ó ti san ti ejẹ́ǹtì, ó ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, káfíńtà sì ti kan pẹpẹ. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jìnnà sójú títì, lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ń wá ilé kiri, ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ lónìí kò gba ẹnikẹ́ni là, ìbẹ̀rù ló ń fi ránṣẹ́. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ọwọ́ ìyá ṣì lè tẹ̀: ta ni yóò máa wọn ọjà nígbà tí òun bá wà ní Bódìjà, báwo ni àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì kò ṣe ní dàpọ̀ mọ́ra, ta ni yóò máa gba àwìn, ta ni kò sì ní gbà. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn tó wúlò wà.

Bí a ṣe máa sọ wọ́n láì dójú tì í ló kù, Yorùbá sì ti pèsè ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ nínú àdúrà. Ohun tí yóò dà bí ẹ̀sùn bí a bá sọ ọ́ gbọnrangandan, bí a bá fi ṣe ìwúre, àmín ni gbogbo ilé yóò ṣe sí i. Gbólóhùn bíi "Ẹ má jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yìí jẹ ojú owó ti Bódìjà o" lè bí ìyá nínú. "Ṣọ́ọ̀bù tuntun kò ní jẹ ojú owó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́" kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, ìyá yóò sì rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà. Torí ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: a ó kó àpò láti ti àkọ́kọ́ kí pẹpẹ tuntun lè kún, àwọn oníbàárà Bódìjà yóò dé, wọn ò ní bá irú èlùbọ́ tí wọ́n ń wá, wọn yóò sì yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Akóbọ̀ bá fi máa fẹsẹ̀ múlẹ̀, Bódìjà tó ń bọ́ ọ ti rù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ikíni kan sílẹ̀, bí oníbàárà àtijọ́ tó kéré sí ìyá lọ́jọ́ orí ṣe lè sọ ọ́:

"Ìyá wa, ẹ kú oríire o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú làálàá. Ojú wa ló ṣe nígbà tí ẹ fi àpò ẹ̀wà méjì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Láti ìgbà yẹn, ìdí kóńgò yín kò tẹ̀ wọnú rí, ìdí nìyẹn tí a kò fi lọ síbòmíràn. Inú wa dùn pé àwọn ará Akóbọ̀ náà yóò jẹ nínú ire yìí. Ajé á wọ igbá o. Ẹni tí ẹ fi ṣọ́ ibí kò ní já yín kulẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tuntun kò ní jẹ ojú owó ti àtijọ́. Tó bá di Sátidé, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ wá ra ẹ̀wà kóńgò márùn-ún. Owó ọwọ́ la ó san, a ò sì ní bèèrè ènì."

Ẹ̀rín yóò sọ nígbà tó bá dórí ènì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ayọ̀ ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rí: kò wulẹ̀ pe ìyá ní òṣìṣẹ́ takuntakun, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Gbogbo ẹni tó ń rajà ló mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà kan máa ń tẹ ìdí kóńgò wọnú kó má baà gba ọjà púpọ̀. Láti sọ pé ti ìyá yìí kò tẹ̀ rí, ìyìn tó ju "ẹ gbìyànjú" lọ ni, pàápàá níwájú àwọn ará Akóbọ̀ tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Àdúrà ló tẹ̀ lé e, ìmọ̀ràn sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa ṣe é.

Ìkẹ́yìn yìí ló ṣòro fún ọ̀pọ̀ wa jù. Ó rọrùn láti gbàdúrà pé kí oníbàárà ya bí omi, ó le láti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà, aláwìn ni mo rò pé ó ṣe ìyá níbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rẹ́rìn-ín jù. Ní Bódìjà, ìyá fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ọjà, ó mọ ẹni tí yóò san àti ẹni tí yóò sá. Ní Akóbọ̀, ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ni yóò wà níbẹ̀, kò sì ní lè sọ fún ẹ̀gbọ́n ọ̀gá rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ pé kó mú owó wá. Ẹni tó bá mú àwìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti fi ọ̀nà han àwọn yòókù.

Ọmọbìnrin náà ní ikíni tirẹ̀ pẹ̀lú, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń kí ọ̀gá, òun ń pín omi kiri. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà. Kí àgbà kan dá a dúró, kó ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọ̀gá rẹ fọkàn tán ọ ló ṣe fi ọ́ síbí. Orúkọ rere ni wàá fi kúrò níbẹ̀, tìrẹ náà á sì tó ọ ṣí." Ìyìn wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó bú u.

Ìmọ̀ràn tí kò ṣeé fi ṣàdúrà ńkọ́? Kó dúró di oṣù kan lẹ́yìn, ní ìdákọ́ńkọ́, bí ìyá bá fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ká ní ó wá ń ráhùn pé ọjà ń dín ní Akóbọ̀: òun kó ẹ̀wà 120 kóńgò lọ, ìwé ní 80 ti tà, 40 ló yẹ kó kù, ṣùgbọ́n nígbà tí òun wọ̀n ọ́n, 32 ni òun bá. Mẹ́jọ ti rìn. Ẹnu tó bá yá yóò ní ọmọ náà ti ń jalè. Ọmọlúàbí yóò kọ́kọ́ béèrè nípa ènì. Bí ọmọ náà bá ń bu ìkúnwọ́ kan lé kóńgò kọ̀ọ̀kan tó tà, 80 ìkúnwọ́ nìyẹn. Bí ìkúnwọ́ mẹ́wàá bá sì kún kóńgò kan, kóńgò mẹ́jọ gééré ló bá ènì lọ. Kò sí olè níbẹ̀. Ìyá ni kò sọ ìwọ̀n ènì fún un, ó rò pé ojú lásán ti kọ́ ọ. Kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ènì, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìyá sì máa wọn èyí tó kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó tó kó òmíràn lọ. Bí ọjà bá tún wá ń dín lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Bí ikíni náà bá jẹ́ èyí tí a ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, àwòrán òdòdó tí a gbà látọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kò ní ẹ̀rí nínú. Gbólóhùn mẹ́ta tó. Ọlọ́jà lè kọ̀wé sí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀rẹ́ mi, o kú oríire. Mo mọ iye ìgbà tí o jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́ kó tó rí báyìí. Bí o bá fẹ́ kí n bá ọ jókòó ti Bódìjà lọ́jọ́ tí o bá lọ Akóbọ̀, ránṣẹ́ sí mi."

Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò. Bí wọ́n bá pè ọ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sọ ohun tí ojú rẹ rí nínú iṣẹ́ ẹni náà, fi àdúrà di ìmọ̀ràn rẹ, kí ọmọ tó ń bá a tajà, kí o sì san owó ohun tí o bá rà kí o tó jáde.