Onílé Tó Wà Lókè Òkun àti Ẹni Tó Ń Bá A Mójú Tó Ilé

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tó pa onílé tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ ẹni tó ń bá a mójú tó ilé rẹ̀ ní Ògbà, nílùú Èkó, nìyẹn. Onílé ló ni ìwé, òun ló ni àṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí nílé lóru ọjọ́ tí sọ́kàwéè kún tí omi ìdọ̀tí ń padà wọ balùwẹ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí lè tètè débẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá fún un láṣẹ, kí ló fẹ́ ṣe?

Ọ̀pọ̀ onílé máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti orí iye owó: èló ni ẹ ń gbà? Mo rò pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: kí gan-an ni ọ̀nà jíjìn gbà lọ́wọ́ mi? Kò gba owó ilé. Láyé ìgbà kan, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn kó tó gbowó lọ́wọ́ ayálégbé. Lónìí, ayálégbé á tẹ fóònù, owó á sì wọ inú àkáǹtì náírà onílé kó tó jẹun àárọ̀ tán ní Peckham. Ohun tí ọ̀nà jíjìn gbà ni ojú àti ẹsẹ̀: ta ni yóò dúró ti púlọ́ḿbà kó má fi páìpù àlòkù dípò tuntun, ta ni yóò wo yàrá kí ayálégbé tó ń lọ tó gba owó kọ́ṣọ̀nù rẹ̀ padà, ta ni yóò fi nọ́tíìsì lé ayálégbé lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó yẹ. Ó sì yani lẹ́nu pé orí owó ilé tó wọlé, èyí tó rọrùn jù fún onílé láti ṣe fúnra rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ti ń ṣírò owó iṣẹ́ wọn.

Ẹni tó ní fúláàtì kan ṣoṣo, tí ayálégbé rẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, tó ń tún nǹkan ṣe tó sì ń yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé pẹ̀lú rìsíìtì, kò nílò alámòójútó. Kó wá ẹni tí yóò wo ilé náà fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sanwó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ó parí. Ilé onífúláàtì mẹ́rin tó ń pín kànga kan, pọ́ḿpù kan àti sọ́kàwéè kan lò kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ ń lò ló ń dá ìjà sílẹ̀, ìjà a sì máa fẹ́ ẹni tó wà nítòsí.

Ẹbí ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń lọ sí. Àbúrò wà ní Agége, kí ló dé tí a ó fi gbé owó fún àjèjì? Àmọ́, ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. N kò sọ pé àwọn ará ilé máa ń jalè. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé iṣẹ́ ẹbí kò ní iye, nítorí náà kò ní ìṣírò. Bí ẹ̀gbọ́n bá bèèrè rìsíìtì pọ́ḿpù, èsì tó máa ń wá ni, “Bùrọ̀dá, ṣé èmi náà lẹ wá ń bi ní rìsíìtì?” Ọ̀rọ̀ pọ́ḿpù ti di ọ̀rọ̀ ìwà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n á sì panu mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò ṣe é, ẹ fún un ní owó oṣù tó ṣe pàtó, ẹ kọ ohun tí yóò máa ṣe sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá yín gbọ́ sí i ṣáájú. Bí ẹnu yín kò bá gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ẹni tí kì í ṣe ẹbí ló yẹ kí ẹ wá.

Ó wá kan owó. Ẹ jẹ́ ká mú ilé Ògbà yẹn: fúláàtì mẹ́rin, kálukú ń san ₦1,500,000 lọ́dún, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000,000. Ká sọ pé àtúnṣe ọdún kan jẹ́ ₦800,000. Ejẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní ìdámẹ́wàá owó tó bá wọlé lòun ń gbà, ìyẹn ₦600,000. Èkejì ní òun kò ní í ṣe pẹ̀lú owó ilé, kí ẹ máa san ₦40,000 lóṣooṣù, ìyẹn ₦480,000. Ẹ̀kẹta ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó òun, kí ẹ kàn fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lórí àtúnṣe gbogbo. ₦300,000 àti ₦120,000, àpapọ̀ ₦420,000. Lójú ẹni tó ń wá èyí tó kéré jù, ẹ̀kẹta ni.

Ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ, èyí tó yẹ ká wò ni ìdí ibi tí kálukú wọn ti ń jẹ. Ẹ̀kẹta ń jẹ nídìí ohun tó bàjẹ́. Bí àtúnṣe bá di ìlọ́po méjì, owó tirẹ̀ lórí rẹ̀ á kúrò ní ₦120,000, á di ₦240,000, onílé á sì ti ná ₦800,000 lé e. Pọ́ḿpù tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ kápásítọ̀ rẹ̀ lásán lè di pọ́ḿpù tuntun, kò sì pọn dandan kẹ́nikẹ́ni parọ́: kò kàn sí ẹni tó ní ìdí láti sọ pé, “Ẹ dúró ná, ẹ wò ó dáadáa.” Ní tèmi, n kò ní fọwọ́ sí ìwé tó ń fi kún owó ẹnìkan nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Èkejì, olówó oṣù, kò ní ìdí láti ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ìdí láti kánjú pẹ̀lú. Bí fúláàtì kan bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, onílé ti pàdánù ₦375,000, owó tirẹ̀ kò yẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ló fẹ́ àlàyé jù, nítorí òun ló gbajúmọ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó bọ́gbọ́n mu: bí owó onílé bá pọ̀, tirẹ̀ náà á pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní oṣooṣù là ń san owó ilé. Lọ́dọ̀ wa, owó ọdún kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí ayálégbé bá san ₦1,500,000, ejẹ́ǹtì ti gba ₦150,000 lórí fúláàtì yẹn, oṣù mọ́kànlá tó kù sì di iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ó rí i pé fóònù rẹ̀ máa ń yá nígbà tí owó fẹ́ wọlé, á sì falẹ̀ lẹ́yìn náà.

Èyí tó burú jù kò sí nínú ìwé onílé rárá. Ó wà nínú ohun tí ayálégbé tuntun ń san. Ayálégbé tó tún owó san ń mú ₦150,000 wá fún ejẹ́ǹtì. Bí ẹni yẹn bá kó jáde, ayálégbé tuntun á san owó ilé, ejẹ́ǹtì á gba ₦150,000 tirẹ̀ níbẹ̀, á tún gba owó ejẹ́ǹsì, tó sábà máa ń jẹ́ ìdámẹ́wàá, ₦150,000 mìíràn. Bó bá sì jẹ́ pé òun àti lọ́yà jọ ń pín owó àgíríméǹtì, apá kan nínú ₦150,000 ẹ̀kẹta tún ń bọ̀. Kíkó jáde ayálégbé dára fún un ju dídúró rẹ̀ lọ, bó ti lẹ̀ jẹ́ pé onílé ń pàdánù oṣù tí fúláàtì fi ṣófo, owó ọ̀dà àti àtúnṣe. Nígbà tí ejẹ́ǹtì bá ń pè yín lọ́dọọdún pé ẹ jẹ́ ká fi owó kún owó ilé, ẹ rántí ìṣírò yìí.

Ojútùú tí mo mọ̀ kò le: kí ẹni tó ń mójú tó ilé má jẹ́ ẹni tó ń wá ayálégbé. Ejẹ́ǹtì mìíràn ni kó wá ayálégbé kó gba owó ejẹ́ǹsì rẹ̀. Alámòójútó ní tirẹ̀ á máa gba ₦30,000 lóṣù, tí a ó san ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti fi ìròyìn àti rìsíìtì ránṣẹ́. Á sì tún gba ₦50,000 lórí fúláàtì kọ̀ọ̀kan tí ayálégbé rẹ̀ bá tún owó san láàárín oṣù tí owó tẹ́lẹ̀ parí. Bí gbogbo wọn bá dúró, ₦360,000 àti ₦200,000 ni, àpapọ̀ ₦560,000. Kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ayálégbé rere bá kó jáde, alámòójútó náà pàdánù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá kò ní gbà bẹ́ẹ̀, ìdámẹ́wàá ni wọ́n mọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gba ìdajì ìdámẹ́wàá ní ọjọ́ tí owó bá wọlé, ìdajì yòókù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè bóyá owó orí VAT, ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, wà nínú iye tí wọ́n pè.

Ẹni tí kò sí ológbò nílé rẹ̀, ilé rẹ̀ di ilé èkúté, a sì máa ń rí ipasẹ̀ èkúté bí a bá mọ ibi tí à ń wò. Bí wọ́n bá ní fúláàtì kan ṣófo, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ojú mítà rẹ̀ ránṣẹ́, kí nọ́ńbà mítà hàn, kí wọ́n tún ya á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú mítà olówó àsansílẹ̀, yúníìtì kì í dédé lọ sílẹ̀ gidi nínú ilé tí kò sẹ́ni. Ti pọ́ḿpù náà rọrùn: fọ́tò nọ́ńbà ara èyí tó bàjẹ́ àti ti tuntun, kí èyí tó bàjẹ́ sì wà nílé títí ẹnìkan yóò fi rí i. Ẹ fi gbèdéke sí ohun tí alámòójútó lè ná láì bèèrè, bí ₦50,000. Kọjá ìyẹn, iye láti ọwọ́ oníṣẹ́ méjì. Owó kọ́ṣọ̀nù ayálégbé, àkáǹtì tiyín ni kó wà. Àwọn rìsíìtì yìí tún wúlò lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí Britain: ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé sábà máa ń kéde owó ilé tó ń wá láti Nàìjíríà, owó alámòójútó àti àtúnṣe sì wà lára ohun tí a lè yọ kúrò.

Ibi tí mo ti gbà pé kí onílé sanwó gidi láìjanpata ni ọ̀rọ̀ lílé ayálégbé. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́tíìsì ọjọ́ méje pé onílé fẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Nọ́tíìsì tí ọjọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ lè mú kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ejẹ́ǹtì tó sì fọwọ́ sí nọ́tíìsì láì ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ onílé ti fún lọ́yà ayálégbé ní ohun ìjà. Nítorí náà, ẹ fún alámòójútó yín ní ìwé àṣẹ tó dárúkọ ohun tó lè ṣe: kó fúnni ní nọ́tíìsì, kó gba kọ́kọ́rọ́. Kí ìwé náà má sọ pé ó lè ta ilé, kó má sì sọ pé ó lè gbowó. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní sáfeyọ̀ ilé, ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ ESVARBON.

Ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe pínyà sínú ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nọ́tíìsì oṣù mẹ́ta fún ẹ̀yin méjèèjì tó. Àgíríméǹtì gidi, kì í ṣe ẹ̀dà, àti kọ́kọ́rọ́ gbogbo á padà sọ́dọ̀ yín láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì gba lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí, tó sọ orúkọ ẹni tuntun àti nọ́ńbà àkáǹtì kan náà tí wọ́n ti ń san owó sí tẹ́lẹ̀.