Àwòrán Kan, Ohùn Méjì

Ṣé ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan fún àgbà ní ohùn kan, tó tún sọ ọ́ fún ọmọdé ní ohùn mìíràn, kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì? Mi ò ronú sí ìbéèrè yìí rí títí di ìgbà tí olùkọ́ wa gbé àwòrán kan lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ lọ́nà méjì. Ẹ̀dà kìíní máa wà nínú lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń kọ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ti di ọ̀gá ní báǹkì tàbí ẹnjiníà àgbà. Ẹ̀dà kejì máa wà lára pátákó ìkéde fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní.

Àwòrán náà kò ṣòro. Táǹkì omi dúdú kan wà lórí igi irin. Níwájú rẹ̀ ni màmá kan tó jẹ́ ọ̀gá ní báǹkì dúró sí, àwọn ni wọ́n tọ́jú owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dá. Bàbá ẹnjiníà tó bójú tó kànga ẹlẹ́rọ wa wà lápá ọ̀tún wọn, àwọn ọmọ mẹ́ta sì gbé ike omi dání láàárín.

Ohun tí mo kọ fún àwọn àgbà nìyí: “Ẹ̀yin àgbà wa, ọlá yín ti fòpin sí ìyà omi ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ti gbẹ́ kànga, wọ́n sì ti gbé táǹkì kalẹ̀.” Fún àwọn ọmọdé, mo kọ ọ́ pé: “Omi dé o! Ẹ má wulẹ̀ gbé ike omi wá láti ilé mọ́, ìyà ti tán!” Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo sì ti bá ọmọdé ṣeré.

Kò pẹ́ tí iná ọba fi lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní epo. Láìsí iná, ẹ̀rọ kò lè fa omi láti inú kànga lọ sínú táǹkì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ẹnu ẹ̀rọ omi ti gbẹ. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kò rí omi fọwọ́, wọn kò sì rí èyí tí wọ́n máa dà sí ilé ìyàgbẹ́. Ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sí pátákó ìkéde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ká má gbé ike wá mọ́.” Mi ò rí èsì fọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èsì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Màmá ọ̀gá báǹkì kọ̀wé pé: “Ọmọ mi, o ṣeun. Lítà mélòó ni táǹkì náà ń gbà, ọjọ́ mélòó ni omi rẹ̀ sì ń tó yín? Àwọn tó dáwó ń bi mí.” Ọ̀rọ̀ bàbá ẹnjiníà kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ: “Ta ni ‘wọ́n’ tó gbẹ́ kànga? Bó bá jẹ́ èmi lo fi ń pọ́n lé, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbẹ́ ẹ.”

Ìbéèrè yìí ló kọ́kọ́ là mí lójú. Nínú èdè wa, “wọ́n” lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó sì lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹni tó ń gbọ́ wa yóò mọ èyí tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwòrán tí àgbà méjì àti ọmọ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ tí mo fẹ́ fún ẹnì kan ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló gbẹ́ kànga náà, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn nínú àwòrán.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Mo wá rí i pé ìdajì tó kù gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹni tó ń gbọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó lè di odidi. Ẹnjiníà ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń fa omi kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, mi ò ní láti là á yé wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ sì ni mo ti fi í sílẹ̀. Síbẹ̀, kò sí bí ọ̀gá báǹkì ṣe lè fi ìmọ̀ iṣẹ́ wọn mọ iye lítà tí táǹkì wa ń gbà. Mo yọ iye náà kúrò, mo fi ẹ̀pọ́n dípò rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ṣe ti gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní ẹlẹ́nu méjì. Mo ní táǹkì náà ń gba lítà 5,000. Ọmọbìnrin ọjọ́sí kà á, ó ní, “Ṣé ìyẹn pọ̀?” Òótọ́ ni mo kọ, ṣùgbọ́n kò wúlò fún un. Mo wá ṣírò rẹ̀. A tó 400 akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ike lítà 5 kan lójúmọ́, lítà 2,000 nìyẹn. Táǹkì tó kún yóò tó wa fún ọjọ́ méjì ààbọ̀, ìdí nìyí tí ó fi gbẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta.

Ẹ̀dà tuntun fún àwọn àgbà kà báyìí: “Táǹkì lítà 5,000 tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dáwó rà. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló gbẹ́ kànga rẹ̀, lábẹ́ àbójútó ẹnjiníà àgbà tí ẹ ń wò lápá ọ̀tún. Bí kò bá sí iná, omi rẹ̀ ń tó akẹ́kọ̀ọ́ 400 fún ọjọ́ méjì ààbọ̀.” Ti àwọn ọmọdé ni: “Ẹ wo táǹkì wa! Ike lítà 5 kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé omi wá láti ilé ní ọjọ́ kẹta.”

Ohùn méjì yìí kò jọra. Oyè wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì. Lítà ni mo fi wọn omi fún àgbà, ike ni mo fi wọ̀n ọ́n fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kò gbọ́dọ̀ gùn, nítorí náà ohun kan yóò ṣẹ́ kù láìsọ. Ohun tí òǹkàwé ti mọ̀ ni mo lè fi sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ.

Kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, mo fún ọmọbìnrin náà ní ẹ̀dà méjèèjì kó kà wọ́n pọ̀. Ó bi mí pé kí ni “àbójútó.” Lẹ́yìn náà ó fi ìka ṣírò díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan náà lẹ sọ fún wa.”