Ohùn Tó Yẹ Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ewì

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka-èdè àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà nínú ewì nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òṣèré aláwọ̀ funfun a kun ojú dúdú, wọn a gorí ìtàgé, wọn a sì fi ohùn ẹrú oko pa èrò lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lẹ̀ mọ́ ohùn yẹn pinpin. Nígbà tí akéwì Paul Laurence Dunbar dé, ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí ní Kentucky, ó kọ ewì ní Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò, ó kọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ka-èdè ni òǹkàwé ń béèrè jù. Abájọ tí akéwì adúláwọ̀ mìíràn, James Weldon Johnson, fi kọ ọ́ ní 1922 pé ohun èlò tó ní ìró méjì péré ni ẹ̀ka-èdè náà: ẹ̀rín àti àánú.

Ohun tí Johnson fúnra rẹ̀ ṣe ní 1927 ló yẹ ká wò dáadáa. Ìwàásù àwọn àgbà oníwàásù adúláwọ̀ ló sọ di ewì méje, ó sì fi àdúrà kan ṣáájú wọn. Kò kọ wọ́n ní ẹ̀ka-èdè. Ìdí rẹ̀ ju ìbẹ̀rù ẹ̀rín lọ: Bíbélì Ọba James ti wọ àwọn oníwàásù náà lára, bí wọ́n bá gun àga ìwàásù, wọn a bọ́ èdè ilé sílẹ̀, wọn a gbé ọ̀rọ̀ ńláńlá wọ̀. Ẹni tó bá kọ èdè ilé sí wọn lẹ́nu níbẹ̀ ti purọ́ mọ́ wọn. Mímí wọn ni Johnson pa mọ́: ó fa ìlà kékeré síbi tí oníwàásù bá ti gbé èémí sínú, tó sì tú u jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà Èkìtì tó ń pe ilé ní “ulé” láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe lè fi Yorùbá inú Bíbélì gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ló ń sọ̀rọ̀ níbi méjèèjì.

Ẹnìkan lè wí pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí akéwì pa ẹ̀ka-èdè tì. Èmi kò gbà. Ní 1932, akéwì adúláwọ̀ Sterling Brown gbé ìwé ewì jáde tó kún fún ohùn àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹlẹ́wọ̀n Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe olùkọ́ lágbègbè yẹn, ó sì ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Ikú, iṣẹ́ àṣekára àti ìrẹ́jẹ ló fi ohùn náà sọ. Johnson ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ọ̀hún. Èdè náà kò lẹ́bi rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ṣe ló kéré.

Ìwọ tó ń kọ Písìn tàbí Èkìtì sínú ewì, yọ gbogbo ìlà tó ń pani lẹ́rìn-ín kúrò ná. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò bá ní ohun kan láti sọ mọ́, jọ̀ọ́, padà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí o tún un kọ.