Ẹ Ṣé Àná O

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Àwọn tó ń pa òwe yìí sábà máa ń di ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ mú, bí ẹni pé torí à-tún-gbà la ṣe ń dúpẹ́. Ìdajì iwájú ló kan ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ẹni tó jẹun nílé aládùúgbò lánàá kì í kọjá lójúlé náà láàárọ̀ yìí láìsọ pé, "Ẹ ṣé àná o." Ọpẹ́ alẹ́ kò tó, a tún un ṣe láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin Ayétòrò kan, ìlú etíkun Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, tí òkun sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Kò tíì rí iṣẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ bá a bẹ òṣìṣẹ́ ọba kan ní Ìgbókòdá, obìnrin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ẹja, pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà wá bi òun léèrè bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí. Kì í ṣe pé ó wá tọrọ iṣẹ́. Ìbéèrè ló wá ṣe. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀, ọ̀gá náà sì jókòó tì í.

Ohun tí ọ̀gá sọ fún un ni pé, bí ó bá fẹ́ máa kọ ìwé nípa ẹja tí wọ́n ń pa, kí ó má kàn máa wọn ẹja tí àwọn apẹja kó dé èbúté. Kílò 20 tí ẹnì kan pa ní wákàtí méjì kì í ṣe ẹgbẹ́ kílò 20 tí ẹlòmíràn fi odindi ọjọ́ wá. Kí ó kọ wákàtí tí wọ́n lò lórí omi mọ́ ọn, kí ó sì wọn ojú àwọ̀n, torí àwọ̀n olójú kékeré a máa kó ọmọ ẹja mọ́ àgbà. Láìsí èyí, kò sẹ́ni tó lè fi ìwé rẹ̀ mọ̀ bóyá ẹja ń dín kù.

Lẹ́tà tó yẹ kí ó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò gùn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni ọmọ Ayétòrò tí olùkọ́ wa ní kó wá bá yín lánàá. Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi lóhùn láàárín iṣẹ́ tó pọ̀ níwájú yín. Ọ̀rọ̀ wákàtí àti ojú àwọ̀n tí ẹ sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sójú omi, màá sì kọ méjèèjì mọ́ ìwọ̀n ẹja. Mo ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ wa náà. Ẹ ṣé àná o, mà."

Ó sọ ẹni tí òun jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ ọ́fíìsì yẹn lójúmọ́. Ó mú ohun kan ṣoṣo nínú ìmọ̀ràn, ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Kò gbàgbé alárinà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára létí omi, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó sùn, kí ó fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ti rí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìparí. Wọ́n á so ìwé ẹ̀rí mọ́ lẹ́tà, wọ́n á ní, "Ẹ má gbàgbé mi o." Ọpẹ́ ti di ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá á sì rò pé torí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi àdúrà gígùn kún un títí tí a kò fi ní rí ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Àdúrà kan tó (mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kò ní gbà fún mi). Ọ̀nà tí mo fi ń dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ̀ rọrùn: bí a bá lè pa orúkọ rẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mìíràn, kí ẹni tó kọ ọ́ tún un kọ.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ìwé ẹja rẹ̀ bá ti kún díẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà kejì, kí ó sọ ohun tó rí. Mo ka èyí sí ọpẹ́ tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọ̀gá á rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò ṣòfò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹja yíyan tí àwọn òbí á fẹ́ kí ọmọ fi dúpẹ́. Ní Ìlàjẹ, ọwọ́ òfo kì í dúpẹ́, mo sì fẹ́ràn àṣà náà. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí òṣìṣẹ́ ọba gba ẹ̀bùn nítorí iṣẹ́ tó ṣe nípò rẹ̀. Ohun tí ìbátan àti ọ̀rẹ́ bá fún un ní àkókò tí àṣà mọ̀ nìkan ni a fàyè gbà. Ọmọ tó wá béèrè ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìbátan, kò sì tíì di ọ̀rẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, ẹ má di agbọ̀n ẹja lé ọmọ lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì. Bí ọwọ́ yín bá ń yún yín, ẹ gbé e lọ fún olùkọ́ tó mú un mọ ọ̀nà.