Nọ́ńbà Kẹrin

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń kọ ojú-ìwé ìlera sínú ìwé ìròyìn ìjọ wọn. Ọmọ dáadáa ni, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń da àwọn ọmọdé àdúgbò láàmú, ó lọ bá nọ́ọ̀sì kan, ó sì kọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì náà sọ sílẹ̀. Ohun mẹ́rin ni: omi oníyọ̀ àti ṣúgà, oògùn síǹkì, ọmú àti oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, àti àwọn àmì tí ìyá máa rí tí yóò fi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ṣùgbọ́n kó tó lọ ló ti kọ àkọlé: Ohun Mẹ́wàá Tí Ìyá Gbọ́dọ̀ Ṣe Bí Ọmọ Bá Ń Yàgbẹ́ Gbuuru.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́wàá ló ti ṣèlérí, ojú-ìwé kan péré ni wọ́n sì fún un. Ká ní ó pa mẹ́wàá rẹ́, kó fi mẹ́rin sí i, ọ̀rọ̀ parí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó ń wá mẹ́fà kún un. Ó kọ “Fọ ọwọ́ rẹ”, ó kọ “Jẹ́ kí àyíká rẹ mọ́”, ó tún kọ “Máa ṣe ìmọ́tótó”, ohun kan náà lọ́nà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló fi “Má bẹ̀rù”, “Ní sùúrù” àti “Gbàdúrà” kún un. Ọwọ́ fífọ̀ ṣe pàtàkì o, àmọ́ kò sọ pé ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kò sọ pé lẹ́yìn tí ìyá bá nu ìdí ọmọ tán, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ ni.

Kí mẹ́fà yìí lè ráyè, ó gé àwọn mẹ́rin tó wúlò kúrú. Ìwọ̀n ló sì gé. Nọ́ńbà kẹrin wá di: “Po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí o máa fún un mu.”

Ìyá kan kà á. Ọmọ ọdún kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tú omi ọ̀rá kan sínú abọ́, ó bu iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì sí i, ó fi ṣúgà díẹ̀ kàn án, torí ó gbọ́ pé ṣúgà máa ń dá kún ìgbẹ́. Ọmọ mu ún, òùngbẹ túbọ̀ ń gbẹ ẹ́, ìyá sì túbọ̀ ń fún un. Nígbà tó di òru, gìrì gbé ọmọ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìwọ tó ń kọ̀wé, gbọ́ ohun tó fà á. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń fa omi jáde kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, títí kan ti ọpọlọ. Ṣúgà tó dín kù, òun gan-an ló yẹ kó ran ìfun lọ́wọ́ láti gba omi àti iyọ̀ wọlé. Ní ọsibítù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín iyọ̀ náà kù, nítorí bí wọ́n bá kánjú, ọpọlọ lè wú. Ọmọ náà yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì ní lákọsílẹ̀, rèé: omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn omi ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára. Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà. Iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Tọ́ ọ wò: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, dà á nù, kí o tún un pò. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì bá ti yàgbẹ́, fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ife ńlá sí ààbọ̀ ife. Bó bá bì í, dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, dà á nù.

Ìyẹn ni kí o máa fi wo ohun kọ̀ọ̀kan tí o bá tò sílẹ̀. Mélòó? Ìgbà wo? Báwo ni òǹkàwé ṣe máa mọ̀ pé òun ti ṣì í ṣe? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, yálà kí o lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, tàbí kí o yọ ọ́ kúrò. Àkọlé ni kí o kọ kẹ́yìn.

Ohun mẹ́rin ni ìjọ náà tún tẹ̀, omi yìí nìkan sì gba ìdajì ojú-ìwé. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé e fún ìyá kan tí kò tíì ka àkọsílẹ̀ náà rí, ó gbé iyọ̀, ṣúgà àti ṣíbí síwájú rẹ̀, ó ní kó pò ó bó ṣe kà á. Ìyá náà bu ṣúgà ní gègèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà lọ kọ ọ́ kún un pé kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ohun tó wà nínú ṣíbí kó bá etí rẹ̀ dọ́gba.