Ọ̀rẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju àròyé lọ

 

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó jáde. Bí ẹnìkan bá ń ráhùn sí yín létí lójoojúmọ́, ṣé ìwà ìkà ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà mọ́ ọn lẹ́nu?

Arábìnrin kan wà tí a jọ máa ń wọ dánfó láti Mowé lọ sí Òjótà. Kí a tó jókòó tán, ó ti bẹ̀rẹ̀: lánlọ́ọ̀dù fowó kún owó ilé, ọ̀gá rẹ̀ ò moore, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kó sinmi. Èmi á máa dá a lóhùn pé, "Hẹn-ẹn, ayé ti bàjẹ́." Mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń fi hàn, àṣé epo ni mò ń bù sí iná. Ìgbà tí mo wá ń gbà á nímọ̀ràn ló tún burú jù. "Ẹ ò lè mọ̀, Mọ́mì Tóbi," ló máa ń sọ.

Ẹ wo Èlíjà lórí òkè Hórébù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ka àròyé kan náà. Ọlọ́run ò bá a jiyàn. Ó ti kọ́kọ́ jẹ́ kó sùn, kó jẹun. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá rán an níṣẹ́ sí Hásáélì, Jéhù àti Èlíṣà.

Èmi náà gbìyànjú ẹ̀. Mo fetí sí àròyé àkọ́kọ́ dáadáa, mo ní, "Owó ilé yìí mà dùn yín o. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?" Kò dáhùn, ó fò sórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹni tó ń wá ìrànwọ́ á dúró lórí ohun tó ń dùn ún.

Ó máa ń din ṣinṣín tà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tèmi máa ń fa epo jù, kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?" (Òótọ́ ni o, ká ní mo parọ́ ni, ì bá mọ̀.) Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní epo mi ò tíì gbóná tó. Kí n kọ́kọ́ ju ẹyọ kan sí i, tó bá rì tí kò tètè léfòó, kí n ṣì dúró. A sọ ṣinṣín títí dé Bágà. Lọ́jọ́ kejì, àròyé tún dé, àmọ́ kò gùn tó tàná.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọlẹ̀: ó fọwọ́ kan kókó kan ní ọmú rẹ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan nípa ṣinṣín lọ́jọ́ náà. A sọ̀ ní Òjótà, a jọ wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù.